Ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń béèrè ọ̀rọ̀ ní Faransé: èwo ni kí ẹ lò, níbo, fún ta ni?

Obìnrin kan tí mò ń kọ́ ní Faransé, tí ó máa ń lọ ra aṣọ ní ọjà Dantọkpa ní Kútọnu, padà dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹjọ́ lẹ́nu. Ó ní òun bá oníṣọ́ọ̀bù kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, òun fi “vous” bọ̀wọ̀ fún un, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń gba náírà ni. Oníṣọ́ọ̀bù náà lejú, ó ní, “Qui vous a dit ça ?” Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Mo ní kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ kí n gbọ́. Ó ní, “Vous prenez le naira.” Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó pe owó wa bí a ṣe ń pè é nílé, “náírà”, ohùn sì bọ́ sílẹ̀ níparí. Létí ẹni tó gbọ́ Faransé, ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ó ń sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé, “Náírà lẹ máa gbà.” Bí mo bá jẹ́ oníṣọ́ọ̀bù náà, èmi náà á béèrè ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí ì bá fi béèrè ohun kan náà:

“Vous prenez le naira ?” Gbólóhùn kò yí padà, ohùn ló gòkè níparí.

“Est-ce que vous prenez le naira ?” A fi “est-ce que” síwájú.

“Prenez-vous le naira ?” Ọ̀rọ̀-ìṣe àti olùwà pààrọ̀ àyè.

“Ṣé ẹ ń gba náírà?” ni gbogbo wọn túmọ̀ sí. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ibi tí a ti ń lò wọ́n, àti ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ ọ́.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tó gbà: mélòó ni òfin tí ẹ gbọ́dọ̀ rántí kí ẹ tó la ẹnu, pàápàá nígbà tí ẹnì kan dúró síwájú yín tó ń retí? Ìkejì ni ìdánilójú: bí ọjà bá ń pariwo, tàbí bí fóònù bá ń gé, ṣé ẹni tó ń gbọ́ yóò mọ̀ pé ìbéèrè ni? Ìkẹta ni ibi tó bá mu: ilé àti ọjà, ọ́fíìsì, lẹ́tà àti ìwé ìdánwò.

Ẹ ó rí i pé n kò ka ọ̀wọ̀ mọ́ ọn. Àwa tí a ń sọ “o” fún ọmọdé tí a sì ń sọ “ẹ” fún àgbà máa ń wá ibi tí ọ̀wọ̀ wà nínú ìbéèrè Faransé, ọ̀pọ̀ sì máa ń rò pé inú ìpààrọ̀ àyè ló wà nítorí pé ó dún bí ìwé. Kò sí níbẹ̀. Inú “vous” ló wà. “Vous prenez le naira, madame ?” ní ọ̀wọ̀ tó pé, kò sí àgbà tí yóò bínú sí i. Ṣùgbọ́n “Prends-tu le naira ?” fún ìyá àgbà tí ẹ kò mọ̀ rí, àrífín ni, bó ti wù kó dún bí ìwé tó. Ẹ yanjú “tu” àti “vous” lákọ̀ọ́kọ́ ná, kí ẹ tó wá yan irú ìbéèrè.

Gbígbé ohùn sókè

Èyí ni ẹ ó máa gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń fi Faransé bá ara wọn sọ̀rọ̀: “Tu viens ?” “Il est là ?” “Y a du riz ?” Kò sí ọ̀rọ̀ tí a fi kún un, kò sí èyí tó ṣípò. Lórí ìwé, òun ló rọrùn jù. Lẹ́nu ẹni tí Yorùbá jẹ́ èdè àbínibí rẹ̀, òun gan-an ló le jù, ó sì yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀ kó yé wa dáadáa, nítorí àwọn olùkọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá kì í ronú kàn án.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni ohùn rẹ̀. Bí mo bá ní “Ó ní ọkọ”, tí mo wá gbé ohùn sókè níparí kó lè di ìbéèrè, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni “Ó ní ọkọ́”. Mo ti sọ ọkọ ìyàwó di ohun tí wọ́n fi ń kọ ebè. Láti kékeré ni etí wa ti mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan ohùn ìparí ọ̀rọ̀ kó má baà di ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí a bá fẹ́ béèrè, a ó fi “ṣé” tàbí “ǹjẹ́” síwájú, tàbí kí a fi “bí” sẹ́yìn. Faransé kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀. Ẹ gbé “riz” sókè, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀, ìrẹsì náà ni. Nítorí pé ohùn kò ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe lára ọ̀rọ̀, wọ́n fún un ní iṣẹ́ lára gbólóhùn: bó bá sọ̀kalẹ̀, mò ń sọ fún yín, bó bá gòkè, mò ń bi yín.

Àṣìṣe méjì ni mo máa ń gbọ́. Èkíní ni ti ìyá aláṣọ wa, ohùn tó ń bọ́ sílẹ̀ níparí. Ó máa ń burú jù lórí ọ̀rọ̀ tí Yorùbá àti Faransé jọ ní. Ẹnu wa ti mọ́ náírà, bọ́ọ̀sì, bánkì, gbogbo wọn ló sì parí sí ohùn ìsàlẹ̀. Ẹni náà á dé orí “naira”, “bus” tàbí “banque”, ẹnu á sá padà sílé, ìbéèrè á sì kú síbẹ̀. Èkejì ni pé kí èèyàn gbé gbogbo gbólóhùn sókè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kì í dún bí ìbéèrè, ó máa ń dún bí ìbínú tàbí ìyàlẹ́nu.

Ohun tí mo ń ṣe fún wọn ni pé mo ń lo àmì ohùn tí wọ́n ti mọ̀. “Vous prenez le naira ?” jẹ́ sílébù mẹ́fà. Ẹ pe márùn-ún àkọ́kọ́ ní ohùn àárín, kí ẹ wá gbé ìkẹfà nìkan sókè: re re re re re mí. Ẹ kọ́kọ́ fi “re” àti “mí” sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ Faransé rọ́pò wọn. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí “nai” gòkè bíi ti “náí” wa, “ra” ìparí nìkan ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹnì kan tó gbọ́ Faransé, kí ẹ sọ gbólóhùn mẹ́fà fún un, mẹ́ta ní ìbéèrè, mẹ́ta láìjẹ́ ìbéèrè, kí ẹ dà wọ́n pọ̀. Ẹ má sọ èyí tó jẹ́ ìbéèrè fún un. Bó bá dáhùn “oui” tàbí “non”, ìbéèrè ló gbọ́. Bó bá ní “ah bon” tàbí “d'accord”, ọ̀rọ̀ lásán ló gbọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ fún yín bóyá ohùn yín ti dé ibi tó yẹ, kò pọn dandan kó mọ orúkọ òfin kankan.

Apá kan wà nínú ọ̀nà yìí tí kò léwu rárá, òun ni mo sì máa ń fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní: ìbéèrè tó ní ọ̀rọ̀ aṣèbéèrè nínú. “C'est combien ?” “Vous allez où ?” “Il arrive quand ?” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń sọ Yorùbá ṣe ń sọ pé “Ẹ ń lọ síbo?” Ọ̀rọ̀ aṣèbéèrè náà ló gbé ìbéèrè dání. Ohùn ì báà má gòkè dáadáa, wọ́n á gbọ́ yín. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ó máa rántí ni pé “que” kì í jókòó sí ìparí gbólóhùn, “quoi” ló ń di níbẹ̀: “Vous vendez quoi ?”

Ní ti ibi tó bá mu, ilé, ọjà, ọkọ̀, láàárín ọ̀rẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Ẹ lè lò ó fún àlejò pátápátá bí “vous” bá ti wà níbẹ̀. Kò yẹ inú lẹ́tà sí iléeṣẹ́, kò sì yẹ inú àròkọ ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé e lórí fóònù tí ohùn rẹ̀ ń já, nítorí sílébù kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo ìbéèrè náà. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá gbé e mì, ìbéèrè ti lọ nìyẹn.

Est-ce que

Ẹ gbé “Ṣé ẹ ń gba náírà?” sí ẹ̀gbẹ́ “Est-ce que vous prenez le naira ?” kí ẹ wò ó. “Ṣé” jókòó síwájú, “est-ce que” jókòó síwájú. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e kò mì. Ẹni tó ń sọ Yorùbá ti ń lo “est-ce que” kó tó gbọ́ Faransé, orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ ni kò mọ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe gbà pé òun ni ó yẹ kó jẹ́ ilé yín, ibi tí ẹ ó máa sá sí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dàrú.

Kò sí ìdààmú nípa olùwà. Bó jẹ́ “je”, bó jẹ́ “il”, bó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ gígùn, bákan náà ni: “Est-ce que je peux entrer ?” “Est-ce que le bus de Porto-Novo part à huit heures ?” Òfin kan ṣoṣo ló wà, pé “que” á gé fáwẹ̀lì rẹ̀ kù níwájú fáwẹ̀lì: “est-ce qu'il”, “est-ce qu'elle”, “est-ce qu'on”. Ní ti ìpè, ẹ má jẹ́ kí t inú “est” jáde rárá, ẹ má sì fi “i” sáàárín s àti k. Ọ̀pọ̀ wa máa ń pè é bíi “ẹsiki”, nítorí pé Yorùbá kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì dì mọ́ra. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí ẹ pè é, bí ẹni tó fẹ́ sín: “ẹs”, kí k náà sì tẹ̀ lé e wéré.

Ṣùgbọ́n “est-ce que” ju “ṣé” lọ. Bí ẹ bá tú u sí wẹ́wẹ́, “ṣé òun ni pé” ni. Ó ń ṣe iṣẹ́ tí “ni” ń ṣe lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú. A kì í sọ pé “Ṣé ibo ẹ ń lọ?” A máa ń sọ pé “Ibo ni ẹ ń lọ?” Faransé ní, “Où est-ce que vous allez ?” Ibi tí “ni” wà ni “est-ce que” wà. “Ìgbà wo ni ẹ dé?” “Quand est-ce que vous êtes arrivé ?” “Kí ni ẹ ń tà?” “Qu'est-ce que vous vendez ?” Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí èyí, “qu'est-ce que” tó dà bí ìgbẹ́ lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á tú ká: “que” ni “kí”, “est-ce que” ni “ni”.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni “qu'est-ce que” àti “qu'est-ce qui”. Ẹ bi ara yín pé: ṣé ohun tí mò ń béèrè yìí ló ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀? Nínú “Kí ni ẹ ń tà?”, ẹ̀yin lẹ ń tà, “kí” kò ta nǹkan kan: “Qu'est-ce que vous vendez ?” Nínú “Kí ló ń ṣẹlẹ̀?”, “kí” náà gan-an ló ń ṣẹlẹ̀: “Qu'est-ce qui se passe ?” Ọ̀rọ̀ “qui” yìí kì í gé fáwẹ̀lì rẹ̀ kù láé: “Qu'est-ce qui est arrivé ?”

Ewu ńlá tó wà fún wa gan-an kò sí nínú ìbéèrè rárá, inú gbólóhùn tí ìbéèrè wọ̀ sínú rẹ̀ ló wà. A máa ń sọ pé “Mi ò mọ̀ ṣé ó ń bọ̀.” Ẹni náà á wá túmọ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́: “Je ne sais pas est-ce qu'il vient.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni “si” ń gbé, òun ni “bóyá” wa: “Je ne sais pas s'il vient.” Bákan náà ni “qu'est-ce que” ń di “ce que”: “Dites-moi ce que vous voulez.” Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ “mi ò mọ̀”, “ẹ sọ fún mi”, “mo fẹ́ bi yín”, ẹ fi “bóyá” rọ́pò “ṣé” lọ́kàn yín ná, “si” á wá fúnra rẹ̀.

Níbo ló bá mu? Ibi gbogbo tí èèyàn ti ń la ẹnu sọ̀rọ̀. Kò gbóná jù, kò tutù jù: sí ọ̀gá ọ́fíìsì, sí dókítà, sí aṣọ́bodè ní Sẹ̀mẹ̀, sí ọ̀rẹ́. Bí ariwo bá pọ̀, òun ló dájú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí kí ẹ tó débi ọ̀rọ̀ gan-an ni ẹni tó ń gbọ́ ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ béèrè nǹkan. Ohun tó ń náni ni gígùn. Nínú lẹ́tà, kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ mẹ́ta ní ìlà márùn-ún, á dà bí ìgbà tí ẹni tó kọ ọ́ ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu, tí ẹlòmíràn ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìpààrọ̀ àyè

Ọ̀rọ̀-ìṣe á lọ síwájú, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ á tẹ̀ lé e, àmì kékeré á so wọ́n pọ̀: “Prenez-vous”, “Avez-vous”, “Savez-vous”. Pẹ̀lú “vous”, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ kò sì ní nílò ju “vous” lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ “il”, “elle” àti “on”.

Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá parí sí fáwẹ̀lì, a ó fi t sáàárín: “A-t-elle payé ?” “Parle-t-on yoruba ici ?” “Y a-t-il une pharmacie ?” T yìí kò ní ìtumọ̀ kankan, ìpè ló wà fún, kí fáwẹ̀lì méjì má baà kọlu ara wọn. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ti ní t tàbí d lẹ́yìn, kò sí ìdí láti fi òmíràn kún un: “Vient-il ?” “Vend-il du tissu ?” Ẹ kíyè sí i pé d inú “vend-il” ń dún bíi t. Àmì sísopọ̀ ni kí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì t náà. Àwọn tí wọ́n bí sínú Faransé pàápàá máa ń ṣì í kọ sí “a-t'il”, nítorí náà bí ẹ bá rí i lórí pátákó, ẹ má kọ́ ọ.

Bí olùwà bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, a kì í gbé e lọ sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe nínú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. A ó fi í sílẹ̀ níbi tó wà, a ó sì fi arọ́pò rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe: “La directrice est-elle là ?” Ṣé ọ̀gá wà níbẹ̀? Ẹni tó bá sọ pé “Est la directrice là ?” ti gbé òfin Gẹ̀ẹ́sì wọ inú Faransé, mo sì máa ń gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn tó kàwé Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣèbéèrè, ọ̀rọ̀-orúkọ lè lọ sẹ́yìn: “Où est la gare ?” “Combien coûte ce tissu ?” Àwọn wọ̀nyí kò ní ìwé lára, gbogbo èèyàn ló ń sọ wọ́n.

“Je” ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Díẹ̀ ló kù tí wọ́n ń lò: “puis-je”, “dois-je”, “ai-je”, “suis-je” àti díẹ̀ mìíràn. “Je peux” kì í di “peux-je”, “puis-je” ló ń dà: “Puis-je vous poser une question ?” Fún ìyókù, ẹ padà sọ́dọ̀ “est-ce que”, kò sí ẹni tí yóò bi yín ní ìdí rẹ̀.

Ní ti ìdánilójú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára tó “est-ce que”, nítorí ètò ọ̀rọ̀ náà ti fi hàn. Ìṣòro rẹ̀ ni ìdúró: akẹ́kọ̀ọ́ á bẹ̀rẹ̀, á dúró láti ronú bóyá t máa wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wojú rẹ̀. Àyè rẹ̀ ni lẹ́tà, ìwé ìròyìn, ìròyìn orí rédíò, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti ọ̀rọ̀ ìjọba. Bí ẹ bá gbé e lọ sínú ilé ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń jẹun, á dà bí ìgbà tí èèyàn bi àbúrò rẹ̀ pé, “Ǹjẹ́ ìwọ ti jẹun?” Kò burú, ṣùgbọ́n àbúrò náà á wo ojú rẹ̀.

Àwọn kan wà tó ti di ohun ẹnu gbogbo ayé, tí a kì í ronú lé lórí mọ́: “Comment allez-vous ?” “Quelle heure est-il ?” “Qu'en pensez-vous ?” Ẹ há wọn sórí bí ẹ ṣe há ìkíni sórí. Mo tún gbọ́dọ̀ fi kún un pé, bí ẹ bá ń lọ sí Kẹ̀bẹ́ẹ̀kì ní Kánádà, òṣùwọ̀n yìí yàtọ̀ níbẹ̀. “As-tu faim ?” “Veux-tu du café ?” jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé lásán lẹ́nu wọn, wọ́n sì ní “tu” kan tí kì í ṣe “ìwọ” rárá, tí wọ́n fi ń ṣe àmì ìbéèrè: “C'est-tu loin ?” Ṣé ó jìnnà? Ẹ kọ́ ọ láti gbọ́ ọ, kí ẹ má mú un lọ sí ìdánwò.

Lẹ́tà sí iléèwé ní Àjàṣẹ́

Ìyá aláṣọ wa tún padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ó fẹ́ fi ọmọbìnrin rẹ̀ sí iléèwé kan ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, kíláàsì “sixième”, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ girama lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti kọ lẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fẹ́ kí n wò ó: “Est-ce qu'il y a de la place en sixième ? Est-ce que ma fille doit faire un test ? C'est combien, la scolarité ?”

Mo yìn ín, nítorí kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó pe akọ̀wé iléèwé lórí fóònù ni, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kó ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ni. A jọ mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè kejì ló rọrùn jù. “Ma fille” jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, nítorí náà ó dúró síbi tó wà, “elle” sì lọ sẹ́yìn “doit”: “Ma fille doit-elle passer un test ?” Ó béèrè bóyá t máa wà níbẹ̀. Mo ní kó wo ìparí “doit”, ó rí i pé t ti wà níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ìkẹta, owó, a wá ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ ìwé: “À combien s'élèvent les frais de scolarité ?” Ọ̀rọ̀ aṣèbéèrè wà níwájú, nítorí náà “les frais” lè lọ sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe láìsí arọ́pò.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló gba àkókò wa. Ó lè di “Reste-t-il des places en sixième ?”, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni yóò ṣí lẹ́tà náà, Faransé tó wọ agbádá jù lọ kì í sì í béèrè ní tààrà. Ó máa ń fi ìbéèrè sínú ẹ̀bẹ̀. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Je vous serais reconnaissante de bien vouloir m'indiquer”, kó wá parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kọ “est-ce qu'il reste des places”. “Mi ò mọ̀ ṣé” ló tún padà wá yẹn. Mo ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú “bóyá”. Ó sọ pé, “kí ẹ jẹ́ kí n mọ̀ bóyá àyè ṣì kù”, ó nu ohun tó kọ, ó sì kọ “s'il reste des places en sixième”, ó sì fi àmì ìdánudúró sí i níparí. Kò sí àmì ìbéèrè níbẹ̀, nítorí gbólóhùn náà kì í ṣe ìbéèrè mọ́.

Ta ni kó mú èwo

Bó bá jẹ́ pé ọjà àti ọkọ̀ ni Faransé yín wà fún, ẹ mú “est-ce que” fún gbogbo ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ sì mú “C'est combien ?”, “C'est où ?” àti “Vous vendez quoi ?” fún ìyókù. Ẹ fi gbígbé ohùn sókè sílẹ̀ títí tí ẹ ó fi yege ìdánwò gbólóhùn mẹ́fà tí mo sọ lókè, ṣùgbọ́n ẹ máa dẹtí sí i, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa bi ẹ̀yin náà.

Ẹni tó ń lọ ṣe DELF A1, ìdánwò Faransé fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, máa bá káàdì pàdé nínú apá ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi wọ́n bi olùdánwò ní ìbéèrè. Ẹ lo “vous”, ẹ jẹ́ kí “est-ce que” gbé èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ sì fi ọ̀kan tàbí méjì tí ẹ mọ̀ dájú pààrọ̀ àyè, irú bíi “Avez-vous des enfants ?” Kò sí èrè nínú kí ẹ máa wá t nígbà tí olùdánwò ń wò yín.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tàbí tó ń kọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ kọ́ ìpààrọ̀ àyè pẹ̀lú “vous” àti “il”, kó sì kọ́ “si” ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ wọ ilé wọn gẹ́gẹ́ bí àna, ọ̀rẹ́ tàbí aládùúgbò ni mo máa ń sọ fún pé kó jókòó ti “re re re mí” títí ẹnu rẹ̀ á fi gbà, nítorí nínú ilé, “est-ce que” ní gbogbo ìgbà á máa fi hàn pé àlejò ni.

Ìyá aláṣọ ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ní Dantọkpa, ó ṣì ń fi “est-ce que” béèrè náírà. Ó ní òun kò tíì gbà kí “ra” yẹn gòkè, ó ń ṣe òun bí ẹni pé òun ń ba orúkọ owó jẹ́.